Kò sí ìbéèrè àtijọ́ fún iṣẹ́ sólà. Ẹ yéé ra irọ́, ẹ lọ ṣí sílábọ́ọ̀sì

1/
Ẹ̀yin ọmọ AJ, ẹ̀yin ará Marine Beach, ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀ o, ẹ fara balẹ̀ kà á. Àwọn kan ń ta "ìbéèrè àtijọ́ iṣẹ́ sólà, 2015 sí 2024" lórí Tẹligíráàmù, àwọn ọmọ iléèwé sì ń fi owó oúnjẹ ọ̀sán rà á. Iṣẹ́ sólà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sínú ètò ẹ̀kọ́ ní 2025! Ẹ jọ̀ọ́, ta ló jókòó ṣe ìdánwò 2015 yẹn? Inú gbọ̀ngàn wo ni?

2/
Fún ẹni tí kò bá mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé: ní 2011, ìjọba àpapọ̀ mú iṣẹ́ ọwọ́ 34 wọ iléèwé girama àgbà. Ní 2025 wọ́n gé e kù sí 6: fífi sólà sílé àti ìtọ́jú rẹ̀, aṣọ rírán, ẹran ọ̀sìn, ìṣaralóge, àtúnṣe kọ̀ǹpútà àti fóònù, àti ọ̀gbìn. Àwọn tó wọ SS1 ní oṣù Kẹsàn-án 2025 ló bẹ̀rẹ̀ ètò tuntun yìí. Bí ẹ bá ka ọdún náà, 2028 ni wọ́n máa jókòó ṣe àṣekágbá.

3/
Ohun tí mò ń gbọ́ káàkiri ni pé "kò sí pásì kúẹ́ṣìn, báwo la ṣe fẹ́ kàwé?" Àwọn tíṣà mìíràn gan-an ń sọ ọ́. Èmi ò gbà. Ẹni tó ní òun ò lè kàwé nítorí pé kò sí ìbéèrè àtijọ́ ń sọ fún wa pé òun ò kàwé rí, òun kàn ń há ìdáhùn sórí ni. Ọ̀tọ̀ ni kéèyàn mọ iṣẹ́, ọ̀tọ̀ ni kó dá ojú ìbéèrè mọ̀.

4/
Ẹ má sì rò pé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ bá a pàdé. Iṣẹ́ ọwọ́ 34 ti 2011 yẹn, 2014 ni àwọn ọmọ àkọ́kọ́ jókòó ṣe é ní WAEC. Èyí tó pọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹ̀kọ́ tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣe ìdánwò rẹ̀ níbẹ̀ rí. WAEC ò torí bẹ́ẹ̀ sún ìdánwò síwájú. Ìbéèrè jáde, ọmọ sì dáhùn. Ibo wá ni ìbéèrè náà ti jáde? Ibẹ̀ ni kókó ọ̀rọ̀ mi wà.

5/
Ẹni tó ń ṣe ìbéèrè fún ẹ̀kọ́ tuntun, òun náà ò ní ìbéèrè àtijọ́ lọ́wọ́. Sílábọ́ọ̀sì ló ṣí síwájú. Ó máa ń fa tábìlì kan: àkọlé ẹ̀kọ́ ní ẹ̀gbẹ́ kan, irú ọgbọ́n tó fẹ́ dán wò ní òkè. Mélòó ni mo fẹ́ kí ọmọ kàn dárúkọ? Mélòó ni kó ṣàlàyé? Mélòó ni kó ṣírò? Látinú tábìlì yẹn ni ìbéèrè ti ń wá. Ohun tó wà níwájú rẹ̀ náà lè wà níwájú yín. Ẹ kàn ń wò ó ní ìwòkọjá ni.

6/
Ẹ jẹ́ ká mọ ìwé tá à ń sọ. Méjì ni. Èkíní ni ètò ẹ̀kọ́ tí NERDC ṣe, òun ni tíṣà fi ń kọ́ yín. Bó ṣe rí ni pé wọ́n pín ojú ìwé sí òpó òpó: àkọlé, àfojúsùn, ohun tó wà nínú ẹ̀kọ́, iṣẹ́ tíṣà, iṣẹ́ ọmọ, ohun èlò, àti ní ìparí, ìtọ́sọ́nà fún ìdánwò. Ẹ tún òpó tó kẹ́yìn yẹn kà. Ìjọba fúnra rẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ bí tíṣà ṣe máa mọ̀ pé ọmọ ti mọ̀ ọ́n. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ni iléèwé púpọ̀ tì í mọ́. Kí ló dé?

7/
Èkejì ni sílábọ́ọ̀sì àjọ tó ń ṣe ìdánwò. Níbẹ̀, apá kan wà tó ń sọ bí ìdánwò ṣe máa rí: ìwé ìbéèrè mélòó, ìbéèrè mélòó nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, wákàtí mélòó, máàkì mélòó. Nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ tí WAEC ń ṣe, ìwé kan á jẹ́ mú-A-tàbí-B, èkejì á jẹ́ àlàyé, ẹ̀kẹta á jẹ́ iṣẹ́ àfọwọ́ṣe. Nítorí náà ẹni tó ní "a ò mọ bí ó ṣe máa rí" kàn kọ̀ láti ka ojú ìwé àkọ́kọ́ ni.

8/
Ó dáa. Ẹ ti ní ìwé méjèèjì. Kí lẹ máa fi ṣe? Má kà á bí ìwé ìtàn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ wá nínú àfojúsùn kọ̀ọ̀kan: ọ̀rọ̀ ìṣe. "Dárúkọ." "Ṣàlàyé." "Fi ìyàtọ̀ hàn." "Yàwòrán." "Ṣírò." "So pọ̀." "Wá àbùkù rẹ̀." Ọ̀rọ̀ ìṣe yẹn ló ń sọ irú ìbéèrè tó lè jáde, òun náà ló ń sọ bí ẹ ṣe gbọ́dọ̀ kà á.

9/
Ẹ wo àpẹẹrẹ. Bí àfojúsùn bá ní kí ọmọ "dárúkọ àwọn ẹ̀yà ètò sólà", ìlà mẹ́rin ti tó: páńẹ́ẹ̀lì, kọntirólà, bátìrì, ínfátà. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní "ṣírò ìwọ̀n bátìrì tí ilé kan nílò", ẹni tó há ìtumọ̀ bátìrì sórí láti òwúrọ̀ di alẹ́ ò tíì bẹ̀rẹ̀. Àkọlé kan náà ni, "bátìrì". Iṣẹ́ méjì tó jìnnà síra ni. Àkọlé làwa máa ń kà, ọ̀rọ̀ ìṣe ni wọ́n fi ń bi wá.

10/
Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ ìṣe tó rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù: "mọ", "ní òye", "mọ rírì". Èèyàn ò lè rí òye lójú. Bí ẹ bá kan irú rẹ̀, ẹ fi èyí tó ṣeé rí rọ́pò rẹ̀. "Ní òye bí kọntirólà ṣe ń ṣiṣẹ́" máa di: "ṣàlàyé ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí bátìrì bí a bá yọ kọntirólà kúrò." Ìyẹn ti di ìbéèrè tí wọ́n lè fún ní máàkì. (Ìdáhùn: nínú oòrùn, páńẹ́ẹ̀lì á máa rọ iná wọ bátìrì títí á fi kún kọjá ààlà, á gbóná, á sì bàjẹ́.)

11/
Ìgbésẹ̀ kejì: ìwé ẹ̀kọ́. Ìdánrawò tó wà ní ìparí orí kọ̀ọ̀kan ni ilé ìṣúra yín, àmọ́ ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti nọ́ńbà 1 kẹ́ ẹ máa ṣe é lọ títí bí ẹni ń ka ìlẹ̀kẹ̀. Ẹ fa òpó mẹ́ta sínú ìwé àjákọ. Òpó kìíní: àfojúsùn. Òpó kejì: nọ́ńbà ìdánrawò tó bá a mu. Òpó kẹta: bó ṣe lọ, "mo ṣe é láìwo ìwé", "mo wo ìwé", tàbí "mi ò lè ṣe é".

12/
Ìwé yẹn máa tú àṣírí méjì. Àkọ́kọ́, ẹ máa rí àfojúsùn tí kò ní ìdánrawò kankan. Ewu wà níbẹ̀, nítorí wọ́n lè bi yín, ẹ ò sì tíì gbìyànjú rẹ̀ rí. Èkejì, ẹ máa rí ìdánrawò tí kò bá àfojúsùn kankan mu. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, kódà bó dùn ún ṣe. Ẹni tó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ò gbọ́dọ̀ lo ọ̀kan nínú wọn lórí ohun tí wọn ò ní bi í.

13/
Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa sọ pé ẹnu lásán ni. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣe é pa pọ̀. Ṣọ́ọ̀bù ìgẹ̀run kan ní Boundary. Ó ní gílóòbù 4 tó jẹ́ wáàtì 10 kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń tàn fún wákàtí 5. Fáànù 1 tó jẹ́ wáàtì 60, fún wákàtí 8. Tẹlifíṣọ̀n 1 tó jẹ́ wáàtì 80, fún wákàtí 4. Àfojúsùn: ṣírò ìwọ̀n iná tí ṣọ́ọ̀bù ń jẹ lójúmọ́, kí o sì fi yan bátìrì, páńẹ́ẹ̀lì àti ínfátà. Irú ìdánrawò tó máa ń wà nínú ìwé sólà nìyẹn.

14/
Àkọ́kọ́, iná tó ń jẹ lójúmọ́. Wáàtì lọ́nà wákàtí ni:

```
gílóòbù:     4 × 10 × 5 = 200 Wh
fáànù:       60 × 8     = 480 Wh
tẹlifíṣọ̀n:   80 × 4     = 320 Wh
àpapọ̀:                   1000 Wh
```

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń ṣìnà. Wọ́n á ro wáàtì pọ̀, 40 + 60 + 80 = 180, wọ́n á wá sọ ọ́ di lọ́nà 24. Tani ń gẹrun ní aago mẹ́ta òru? Ohun èlò kọ̀ọ̀kan ló ní wákàtí tirẹ̀.

15/
Bátìrì wá kàn. Ínfátà máa ń jẹ díẹ̀ nínú iná kó tó dé gílóòbù. Ká ní ìdá 85 nínú 100 ló ń dé ibẹ̀: 1000 ÷ 0.85 = 1176 Wh. Bátìrì fólìtì 12 la fẹ́ lò: 1176 ÷ 12 = 98 Ah. Ṣùgbọ́n bátìrì olómi, a kì í fà á gbẹ. Ìdajì la máa ń lò kó lè pẹ́. Nítorí náà 98 ÷ 0.5 = 196 Ah. Lọ́jà, bátìrì 200 Ah kan ló sún mọ́ ọn. Ìyẹn fún ọjọ́ kan o, kò tíì ka ọjọ́ tí òjò bá ṣú títí di alẹ́.

16/
Páńẹ́ẹ̀lì: ojúmọ́ mọ́ kì í ṣe pé oòrùn ti ràn dáadáa. Ká lo wákàtí 4 oòrùn tó lágbára, ká sì gbà pé eruku, ooru àti wáyà máa jẹ ìdá kan nínú mẹ́rin, ó ku 0.75. Nítorí náà 1176 ÷ (4 × 0.75) = 392 W. Páńẹ́ẹ̀lì 200 W méjì. Ìdánwò á máa fún yín ní wákàtí oòrùn náà. Bí kò bá fún yín, ẹ kọ iye tẹ́ ẹ lò sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó ṣírò, kí ẹni tó ń máàkì lè tẹ̀ lé yín.

17/
Ínfátà: òun ò bìkítà fún wákàtí. Ohun tó ń wò ni iye wáàtì tó lè máa ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà: 40 + 60 + 80 = 180 W. Ẹ fi ìdá 25 nínú 100 kún un, 225 W, kí fáànù lè rí agbára bẹ̀rẹ̀. Ẹ yan èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣé ẹ rí i? 180 tó jẹ́ àṣìṣe níbi bátìrì, òun gan-an ni ìdáhùn níbi ínfátà. Ẹni tó há fọ́múlà sórí ò ní mọ ìyàtọ̀ yẹn láé.

18/
Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ẹ gbà á, nígbà tí kò sí ẹni tó máa máàkì yín? Ẹ wo orúkọ tó tẹ̀ lé nọ́ńbà yín. Bátìrì gbọ́dọ̀ jáde ní Ah, páńẹ́ẹ̀lì àti ínfátà ní W. Bí ẹ bá ń wá bátìrì tí Wh jáde, ẹ ò tíì parí. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ibi tó ń lọ. Gbogbo òfò máa ń mú kí ohun tẹ́ ẹ máa rà tóbi sí i. Bí ẹ bá sọ pé ìdajì bátìrì la máa lò, tí bátìrì yín wá kéré sí i, ẹ sọ di lọ́nà níbi tó yẹ kẹ́ ẹ ti pín.

19/
Ìdánrawò kan la ti ṣe. Àwọn tó ń ta irọ́ á ní "ọ̀kan péré?" Rárá o. Ẹ yí i padà, á bí mẹ́ta sí i. Àkọ́kọ́: ẹ yí nọ́ńbà rẹ̀. Bátìrì fólìtì 24 ńkọ́? 1176 ÷ 24 = 49, pín in sí 0.5, ó di 98 Ah. Ìdajì ti tẹ́lẹ̀. Ẹ wá bi ara yín pé kí ló dé, kẹ́ ẹ sì kọ ìdí rẹ̀ ní gbólóhùn kan: iná kan náà ni, bí fólìtì bá di ìlọ́po méjì, ámpù-wákàtì á di ìdajì.

20/
Èkejì: ẹ dojú ìbéèrè dé. Ẹ fi ìdáhùn ṣe ohun tí wọ́n fún yín. "Oníṣọ́ọ̀bù kan ní bátìrì fólìtì 12, 200 Ah, kò fẹ́ kó lọ sílẹ̀ ju ìdajì lọ. Bó bá tan gbogbo nǹkan rẹ̀, 180 W, wákàtí mélòó ló máa lò?" Ẹ ṣe é: 200 × 12 × 0.5 × 0.85 = 1020 Wh. 1020 ÷ 180 = 5.67, ìyẹn wákàtí 5 àti ìṣẹ́jú 40. Ọmọ tó bá lè lọ tó sì lè padà ní ọ̀nà kan náà ti mọ ọ̀nà yẹn.

21/
Ẹ̀kẹta: ẹ ba ètò náà jẹ́. "Ṣọ́ọ̀bù yìí ní bátìrì tó tọ́ àti páńẹ́ẹ̀lì tó tọ́, àmọ́ iná ń kú ní aago méje alẹ́. Dárúkọ ohun mẹ́ta tó lè fà á, sì sọ èyí tí o máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò." Eruku lórí páńẹ́ẹ̀lì (lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tírélà, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n). Wáyà tó tú lórí bátìrì. Bátìrì tó ti gbó. Ẹ kọ́kọ́ wo èyí tí kò ná yín ní kọ́bọ̀: ojú páńẹ́ẹ̀lì àti ojú ìsopọ̀. Ìbéèrè irú èyí ni àfojúsùn "wá àbùkù" ń pè.

22/
Ẹ kà á: láti inú ìdánrawò kan, a ti ní mẹ́rin, a sì ti fọwọ́ kan "ṣírò", "ṣàlàyé" àti "wá àbùkù". Bí orí ìwé kan bá ní ìdánrawò ìṣírò mẹ́wàá, ogójì lẹ ní lọ́wọ́ yẹn. Ẹ fi wé ìwé ayédèrú tẹ́ ẹ rà. Nínú èyí tí mo rí, ìbéèrè fíìsìsì ni wọ́n kó síbẹ̀, wọ́n kàn kọ "sólà" sí orí rẹ̀.

23/
Máàkì wá kù. Kẹ́ ẹ tó dáhùn, ẹ kọ bí ẹ ṣe máa pín máàkì sílẹ̀. Fún ìbéèrè ṣọ́ọ̀bù yẹn, ẹ lè sọ pé: iná ojúmọ́, 3. Òfò ínfátà, 1. Bátìrì, 3. Páńẹ́ẹ̀lì, 2. Ínfátà, 1. Ẹ pa ìwé dé, ẹ dáhùn, ẹ wá fi àpẹẹrẹ tí wọ́n ṣe nínú ìwé yẹ ara yín wò ní ìlà sí ìlà. Bí ẹ bá gba 6 nínú 10, ẹ mọ ibi tí 4 wọlẹ̀ sí. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ẹ tún un ṣe láìwo ohunkóhun. Èyí tó bá tún ṣubú, òun lẹ máa kọ́kọ́ kà.

24/
Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ọ̀nà yìí ti lè já yín kulẹ̀, kẹ́ ẹ má bàa ní mo tàn yín. Àkọ́kọ́, ìwé ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀. Bí ẹ̀kọ́ bá jẹ́ tuntun, àwọn kan á yára gbé ìwé àtijọ́ wọ èèpo tuntun. Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀: ẹ mú àfojúsùn mẹ́wàá, ẹ wá ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àtọ́ka ìwé náà. Bí mẹ́rin tàbí márùn-ún ò bá sí níbẹ̀, aṣọ ló yí, ara ò yí. Ẹ má rà á.

25/
Ẹ tún wo ìdánrawò rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé "kí ni", "dárúkọ mẹ́ta", "kí ni" ló kún ibẹ̀ láti orí 1 dé òpin, nígbà tí àfojúsùn ń sọ "ṣírò" àti "so pọ̀", ìwé yẹn ò lè gbé yín dé ibi tí ìdánwò wà. Ìdáhùn ẹ̀yìn ìwé náà ń ṣì nígbà míì. Bí tiyín bá yàtọ̀ sí tiwọn, ẹ má pa tiyín rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ dojú u dé bí a ṣe ṣe lókè. Èyí tó bá gbé yín padà síbi tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ló tọ́.

26/
Èkejì: bébà ò lè kọ́ ọwọ́. Àfojúsùn tó bá ní "so bátìrì méjì pọ̀" tàbí "fi mítà wọn páńẹ́ẹ̀lì", ẹ lè yà á títí, ó níbi tó mọ. Ẹ mọ̀ ọ́n lórí bébà ná: bátìrì fólìtì 12, 200 Ah méjì, bí a bá so wọ́n tẹ̀ léra, fólìtì 24, 200 Ah ni. Bí a bá so wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, fólìtì 12, 400 Ah ni. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bẹ ọ̀gá tó ń fi sólà sílé ládùúgbò pé ẹ fẹ́ máa wá wòran ní Sátidé.

27/
Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ mú àfojúsùn yín dání, ẹ má kàn lọ gbé àkàbà fún wọn. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ fi mítà kan páńẹ́ẹ̀lì fólìtì 12 nínú oòrùn, láìso ó mọ́ nǹkan kan. Ẹ máa rí nǹkan bíi 20 tàbí 21. Ọmọ tó gbọ́ pé "fólìtì 12" máa rò pé mítà ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Ó gbọ́dọ̀ ga ju bátìrì lọ kí iná tó lè wọ inú rẹ̀. Bí wọ́n bá bi yín ní ìyẹn, ẹ ò ní gbàgbé mọ́. Ẹ má fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ ínfátà tó gbé 230 jáde o, ìyẹn ń pa èèyàn.

28/
Ẹ̀kẹta, mo gbà fún àwọn tó fẹ́ràn ìbéèrè àtijọ́ ní nǹkan kan: ó ń fi bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ hàn, ó sì ń kọ́ni ní bí a ṣe ń ṣọ́ aago. Àfojúsùn ò lè sọ fún yín pé ẹ̀yà èyí ló máa jáde lọ́dún yìí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè àtijọ́ náà ò lè sọ ọ́. Ẹ kàn ń fojú dá a ni. Ní ti aago, sílábọ́ọ̀sì ti sọ wákàtí àti iye ìbéèrè. Ẹ pín in, ẹ gbé fóònù tì, ẹ jókòó sí i.

29/
Bí ẹ bá tún fẹ́ gbóòórùn bí WAEC ṣe ń bèèrè, ẹ lọ bá àwọn ẹ̀gbọ́n sólà. Fíìsìsì ti ní ìbéèrè nípa iná àti bátìrì tipẹ́. Iṣẹ́ wáyà iná ilé wà nínú 34 ti 2011. Ẹ mú ibi tí àfojúsùn wọn bá tiyín mu nìkan. WAEC náà máa ń gbé ìròyìn àwọn ọ̀gá olùdánwò jáde lórí àwọn ẹ̀kọ́ tó ti ṣe, níbi tí wọ́n ti ń sọ àléébù àwọn ọmọ tó jókòó. Ẹ̀yáwó ni gbogbo ìyẹn. Ẹ má sọ ọ́ di ilé.

30/
Ọ̀rọ̀ mi sí ẹ̀yin tíṣà: ẹ yéé sọ fún ọmọ pé kó dúró de ìbéèrè àtijọ́. Ọmọ tó jókòó ní 2028 ò lè dúró de 2033. Ẹ mú òpó àfojúsùn àti òpó ìtọ́sọ́nà ìdánwò jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ fi sí gúrúùpù Wọ́sáàpù kíláàsì. Kò ná yín ní nǹkan kan. Bí ẹ bá bẹ̀rù pé ọmọ máa fi bi yín pé "ọ̀gá, ẹ ò tíì kọ́ wa ní èyí o", ẹ jẹ́ kí wọ́n bi yín. Ẹ̀tọ́ wọn ni.

31/
Sí ẹ̀yin òbí: ẹni tó bá ní òun ní ìbéèrè ọdún mẹ́wàá fún ẹ̀kọ́ tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá, olè ni. Kò sí orúkọ mìíràn. Ẹ bi í ní ìbéèrè kan péré: "Ọdún wo ni ẹ̀kọ́ yìí bẹ̀rẹ̀?" Ẹ fi owó yẹn ra ìwé kan tó bá àfojúsùn mu àti ìwé àjákọ kan tó nípọn.

32/
Sí ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa jókòó: lónìí, ẹ gba àkọlé kan ṣoṣo. Ẹ kọ àfojúsùn rẹ̀ sílẹ̀, ẹ fa ilà sábẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣe, ẹ wá ìdánrawò tó bá a mu, ẹ ṣe é, ẹ dojú u dé, ẹ bà á jẹ́, ẹ máàkì rẹ̀. Ó lè gbà yín ní wákàtí kan àbọ̀. Bí nǹkan kan ò bá yé yín nínú ìṣírò ṣọ́ọ̀bù yẹn, ẹ kọ nọ́ńbà tẹ́ ẹ rí sísàlẹ̀ níbí, pẹ̀lú ìlà tẹ́ ẹ gbà dé ibẹ̀. Ká jọ wá ibi tó ti ṣẹ́.